Ríǹgì pílà àti ti bíìmù: bí a ṣe ń mọ ìgùn tí a ó gé àti iye tí a ó tẹ̀

Níbi iṣẹ́ ilé kan ní Ìbàdàn, ọmọkùnrin bẹ́ńdà kan na ríǹgì kan sí mi pé kí n wò ó. Ó ti gé irin fún 176 irú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó sì ti tẹ bíi mẹ́wàá nínú wọn. Mo yí i lọ yí i bọ̀. Etí méjèèjì tó yẹ kó kọ́ wọ àárín pílà kò ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ. Nígbà tí mo fi ríǹgì náà sára irin mílímítà 16 tó dúró nílẹ̀, ìkọ́ rẹ̀ kàn rọra fara kan irin náà ni, kò dì í mú.

Mo bi í pé, "Báwo lo ṣe ṣírò rẹ̀?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ohun tí wọ́n kọ síbí ni mo tẹ̀ lé." Ó fa fóònù rẹ̀ yọ, ó fi àwòrán kan hàn mí tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí i.

Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí a ro ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ríǹgì pọ̀, kí a fi ìkọ́ méjì kún un, kí ìkọ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá ìnípọn irin. Lẹ́yìn náà, kí a yọ ìlọ́po méjì ìnípọn irin fún igun kọ̀ọ̀kan, kí a sì yọ ìlọ́po mẹ́ta fún ìkọ́ kọ̀ọ̀kan. Ríǹgì tirẹ̀ jẹ́ 175 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, irin 8 ló sì ń lò. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin jẹ́ 700, ìkọ́ méjì jẹ́ 160, igun mẹ́ta gba 48, ìkọ́ méjì tún gba 48. Ó kù 764 mílímítà. Mo tún un ṣírò lẹ́ẹ̀mejì, n kò rí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀. Síbẹ̀ ríǹgì náà kò ṣeé lò fún pílà yẹn.

Ohun tó fà á ni mo fẹ́ là yé yín, nítorí kì í ṣe ọ̀dọ̀ ọmọ iṣẹ́ nìkan ni mo ti ń rí i. Àwọn tó ń kọ́lé tiwọn náà máa ń bi mí pé èló ni ká gé ríǹgì, ríǹgì mélòó ni yóò wọ pílà kan, kí ló dé tí ti bẹ́ńdà yìí fi yàtọ̀ sí ti ìyẹn. Mílímítà ni n ó máa lò jálẹ̀, nítorí òun ni ẹnjiníà ń kọ sínú dírọ́ọ̀ìn. Ẹni tó bá mọ íǹṣì jù, kó rántí pé 25 mílímítà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó íǹṣì kan.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí ríǹgì ń ṣe, torí ibẹ̀ ni gbogbo ìwọ̀n náà ti wá. Nínú pílà, àwọn irin gbọọrọ tó dúró lóòró ni ẹrù ń tẹ̀ láti òkè. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a bá tẹ̀ láti òkè máa ń fẹ́ tẹ̀ síta, bí ìgbálẹ̀ tí èèyàn bá fọwọ́ tẹ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ríǹgì ló ń dì í mú kó má baà ya kúrò láyè rẹ̀, kó sì fọ́ kọnkéré tó bò ó. Nínú bíìmù, ríǹgì ń ṣọ́ irú ojú sísán kan tó máa ń dà gẹ̀rẹ̀ nítòsí ibi tí bíìmù gbé ara lé pílà. Nínú méjèèjì, ríǹgì tí etí rẹ̀ kò kọ́ dáadáa yóò ya ẹnu nígbà tí wàhálà bá dé, bó ti wù kó pọ̀ tó. Ìdí nìyẹn tí a fi ń tẹ etí rẹ̀ kọjá igun, dígírì 135, títí tí yóò fi dojú kọ àárín pílà tàbí bíìmù. Ríǹgì tí wọ́n kàn ṣẹ́ etí rẹ̀ ní dígírì 90, tó wá lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọnkéré, yóò ṣí nígbà tí kọnkéré tó bò ó bá wó kúrò.

Ìwọ̀n ríǹgì ni a ó kọ́kọ́ wá. Ẹ mú pílà ilé tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa, tí wọ́n ń pè ní mẹ́sàn-án sí mẹ́sàn-án nítorí búlọ́ọ̀kù íǹṣì mẹ́sàn-án. Nínú dírọ́ọ̀ìn, 225 sí 225 ni. Ẹnjiníà kọ kọ́fà 25. Kọ́fà ni kọnkéré tó gbọ́dọ̀ wà láàárín ojú pílà àti irin tó sún mọ́ ọn jù. Ìgbà wo ni irin kan sún mọ́ ojú pílà ju ríǹgì lọ? Kò sí. Nítorí náà, ẹ̀yìn ríǹgì ni a ti ń ka kọ́fà, kì í ṣe ẹ̀yìn irin gbọọrọ. Kọ́fà wà lápá ọ̀tún, ó wà lápá òsì, torí náà ẹ̀ẹ̀mejì la ó yọ ọ́: 225, yọ 50, ó kù 175. Ìyẹn ni ríǹgì láti ẹ̀yìn dé ẹ̀yìn.

Ẹni tó bá ka kọ́fà sí ẹ̀yìn irin gbọọrọ yóò ṣe ríǹgì tó fi mílímítà 16 tóbi jù, nítorí ríǹgì 8 wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Kọ́fà 25 yóò di 17. Ojú kò ní rí i lọ́jọ́ tí wọ́n bá da kọnkéré. Ṣùgbọ́n bí ọdún bá gorí ọdún, ẹ ó rí ìlà pupa-pupa tó gba ìbú pílà kọjá, ọ̀kan lórí èkejì, àlàfo wọn dọ́gba bí àtẹ̀gùn. Ríǹgì tó ti dógùn-ún lábẹ́ kọnkéré fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Tí ẹ bá rí irú rẹ̀ lára ilé kan, ẹ wọn àlàfo ìlà náà, ẹ ó mọ iye tí bẹ́ńdà fi sí àlàfo ríǹgì rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ní ti ìgùn tí a ó gé, tí irin bá lè ṣẹ́ ní igun gan-an bí ìwé tí a ká, ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni a ó kàn rò pọ̀. Irin kì í ṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó máa ń yí igun ni, ó ń gba ọ̀nà àbùjá, bí ẹni tó fi títì sílẹ̀ tó gba àárín pápá kọjá sí òdìkejì. Ọ̀nà àbùjá kúrú ju títì lọ. Tí a bá tẹ irin yí pẹ́ẹ̀gì tí ìnípọn rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti irin, bí ó ṣe yẹ fún irin 8, igun dígírì 90 kọ̀ọ̀kan yóò dín ìgùn kù ní nǹkan bí ìlọ́po méjì ìnípọn irin. Ríǹgì ní igun mẹ́ta bẹ́ẹ̀. Àpapọ̀ ohun tó dín jẹ́ ìlọ́po mẹ́fà, ìyẹn 48 fún irin 8.

Igun kẹrin ni igun tí etí méjèèjì ti pàdé, ibẹ̀ ni gbogbo ìdàrúdàpọ̀ wà. Etí irin kọ̀ọ̀kan kò dé igun náà gan-an. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ nígbà tó kù ní ìlọ́po mẹ́ta kó débẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá yí irin gbọọrọ ká. Yíyí yẹn fúnra rẹ̀ gba nǹkan bí ìlọ́po mẹ́fà, kí ìrù rẹ̀ tó wá nà gbọọrọ. Ẹ yọ mẹ́ta kúrò nínú mẹ́fà, etí kọ̀ọ̀kan nílò ìlọ́po mẹ́ta kún ẹ̀gbẹ́ ríǹgì, kí a tó ka ìrù rárá. Etí méjì, ìlọ́po mẹ́fà.

Igun mẹ́ta gba ìlọ́po mẹ́fà lọ, etí méjì dá ìlọ́po mẹ́fà padà. Wọ́n pa ara wọn rẹ́. Ìdí nìyẹn tí ìṣirò tó tọ̀nà fi rọrùn ju èyí tó wà lórí fóònù ọmọ náà lọ:

```
L = 2(A + B) + 2h
```

A àti B ni ẹ̀gbẹ́ ríǹgì láti ẹ̀yìn dé ẹ̀yìn. h ni ìrù nìkan, apá tó nà gbọọrọ lẹ́yìn tí irin ti tẹ̀ tán. Fún irin 8, 75 ni mo máa ń lò. Ìlànà Yúróòpù tí a mọ̀ sí Eurocode 2 gbà kí ìrù ìkọ́ dígírì 135 kéré tó ìlọ́po márùn-ún ìnípọn irin, kó má ṣáà kéré ju 50 lọ. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn 75, torí pé ọwọ́ èèyàn ló ń tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ èèyàn kì í sì í dọ́gba.

Pílà wa wá di báyìí:

```
L = 2(175 + 175) + 2(75) = 850
```

Ẹ lè fi ìlànà Gẹ̀ẹ́sì fún gígé àti títẹ irin, BS 8666, yẹ̀ ẹ́ wò. Tiwọn fún ríǹgì rí báyìí:

```
L = 2(A + B + C) - 2.5r - 5d
```

C ni ìkọ́ láti ẹ̀yìn, 115 fún irin 8. r ni ìyíká inú, 16. d ni ìnípọn irin, 8. Ẹ ro ó: ìlọ́po méjì 465 jẹ́ 930, ẹ yọ 40, ẹ tún yọ 40, ó kù 850. Ọ̀nà méjì tó yàtọ̀ síra ti já síbì kan náà.

Kí ló wá ṣe ọmọkùnrin wa? Àwòrán orí fóònù rẹ̀ kò purọ́. Ìlọ́po mẹ́ta tí wọ́n ní kó yọ fún ìkọ́ kọ̀ọ̀kan tọ̀nà tí a bá ń ka ìkọ́ láti ibi tí irin ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, kì í ṣe láti ibi tó ti tẹ̀ tán. Tí a bá kà á bẹ́ẹ̀, yíyí irin náà ti jẹ ìlọ́po mẹ́fà nínú ìlọ́po mẹ́wàá tí wọ́n fún un. Mẹ́rin péré ló kù fún ìrù, ìyẹn 32 mílímítà: sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta tí mo fọwọ́ kàn. Ọmọ náà gbà pé ìlọ́po mẹ́wàá náà, ìrù ni. Tó bá jẹ́ pé ìrù ìlọ́po mẹ́wàá ni ẹnjiníà fẹ́, ìkọ́ tí yóò fi sínú ìṣirò yẹn ì bá ti jẹ́ ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Nítorí náà, nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá fún yín ní ìṣirò ríǹgì, ẹ bi í ní ohun kan ṣoṣo: ibo lo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìkọ́?

A kò da irin 176 náà nù. Ilé náà ní líńtẹ́lì 225 sí 150, ríǹgì rẹ̀ jẹ́ 175 sí 100, ìgùn rẹ̀ sì jẹ́ 700. A gé 64 kúrò lára èyí tí wọn kò tíì tẹ̀, a sì lò wọ́n síbẹ̀. Ká ní kò sí líńtẹ́lì tó pọ̀ tó níbẹ̀ ni, owó irin náà ì bá ti wọlẹ̀.

Àwọn ọ̀gá bẹ́ńdà tó dàgbà kì í ṣírò báyìí. Wọn yóò ní, "Méje sí méje ni ríǹgì mẹ́sàn-án sí mẹ́sàn-án, gé e ní mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n." Íǹṣì méje lọ́nà mẹ́rin jẹ́ méjìdínlọ́gbọ̀n, ìrù íǹṣì mẹ́ta-mẹ́ta jẹ́ mẹ́fà. Ẹ wò ó dáadáa, ìṣirò kan náà ni. Wọn kò yọ nǹkankan fún igun, wọn kò fi nǹkankan kún un fún ìkọ́, ọwọ́ wọn sì ti mọ̀ ọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún pé yóò bára mu. Mo bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ yẹn gidigidi.

Ohun kan ló wà níbẹ̀ tó yẹ ká mọ̀. Íǹṣì mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n jẹ́ 864 mílímítà. Ọ̀pá irin kan tó jẹ́ mítà 12 yóò fún wa ní ríǹgì 13 tí a bá gé e ní 864, ṣùgbọ́n yóò fún wa ní 14 tí a bá gé e ní 850, 100 mílímítà yóò sì ṣẹ́ kù tí ayùn lè jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ìdajì íǹṣì ló fa ríǹgì kan lórí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ kí ẹ tó gbára lé 14, ẹ fi téèpù wọn ọ̀pá irin tí wọ́n já sílẹ̀ fún yín. Irin tí wọ́n tà bíi mítà 12 kì í fìgbà gbogbo pé. Tó bá jẹ́ mítà 11.7 ló wà lọ́wọ́ yín, 13 náà ni yóò já sí. Ẹ má ṣe tìtorí àtirí ríǹgì kẹrìnlá gé ìrù kúrú.

Bí ìṣirò bá ti dá yín lójú tó, ẹ gé ẹyọ kan péré ná. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lórí páákó tí ẹ ó fi tẹ ìyókù, pẹ̀lú pẹ́ẹ̀gì kan náà, ẹ wá wọn ẹ̀yìn rẹ̀ àti ìrù rẹ̀. Pẹ́ẹ̀gì tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù yóò mú kí igun mú ṣáṣá, ìrù yóò sì gùn díẹ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Ó tún lè sán irin lẹ́yìn igun. Tí ẹyọ náà bá bá yín lára mu, ẹ gé òmíràn tó gùn bákan náà, ẹ sàmì sí i, kí ẹ máa fi òun nìkan wọn gbogbo ìyókù. Bẹ́ńdà tó bá ń fi èyí tó gé kẹ́yìn wọn èyí tó kàn, àṣìṣe mílímítà kan yóò máa gorí òmíràn. Nígbà tó bá fi máa gé ogójì, ẹni tó bá kó ti àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn jọ yóò rí i pé wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ mọ́.

Ní ti iye ríǹgì, ẹ na ọwọ́ yín kan síwájú. Ìka márùn-ún ló wà níbẹ̀, àlàfo mẹ́rin. Gbogbo ẹni tó pín ìgùn bíìmù sí àlàfo ríǹgì, tó sì dúró síbẹ̀, àlàfo ló kà, kì í ṣe ríǹgì. Ẹ fi ẹyọ kan kún un. Tí ìpín náà kò bá já geere, ẹ gbé e sókè sí odidi nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e, nítorí àlàfo tí ẹnjiníà kọ ni èyí tó fẹ̀ jù tó fọwọ́ sí. Ó lè dín, kò gbọdọ̀ lé.

Ìgùn wo la ó wá pín? Kì í ṣe ti bíìmù láti òpin dé òpin. Láti ojú pílà dé ojú pílà kejì ni, a ó sì yọ 50 ní apá méjèèjì, nítorí ríǹgì àkọ́kọ́ máa ń wà ní 50 sí ojú pílà. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ bíìmù 225 sí 450, tí àlàfo tó wà láàárín pílà méjèèjì jẹ́ 3600. Ríǹgì rẹ̀ jẹ́ 175 sí 400, a ó sì gé e ní 1300. Ó ku 3500 láti ríǹgì àkọ́kọ́ dé ti ìkẹyìn. Tí àlàfo bá jẹ́ 200 jálẹ̀, 3500 pín sí 200 jẹ́ 17.5. Ẹ gbé e sí àlàfo 18, ríǹgì 19. Àlàfo gan-an yóò wá jẹ́ nǹkan bí 194, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Nínú dírọ́ọ̀ìn ẹ lè rí i báyìí:

```
19R8-05-200
```

Ríǹgì 19, irin R, èyí tí ara rẹ̀ dán, tí ìnípọn rẹ̀ jẹ́ 8, àmì karùn-ún nínú ìwé tí ẹnjiníà to irin sí, àlàfo 200. Nọ́ńbà iwájú yẹn ni kí ẹ fi yẹ ìṣirò tiyín wò. Tí kò bá bá a mu, ẹ béèrè kí ẹ tó gé.

Ọ̀pọ̀ bíìmù kì í ní àlàfo kan ṣoṣo. Nítòsí pílà ni ojú sísán gẹ̀rẹ̀ yẹn ti máa ń wá, nítorí náà ẹnjiníà lè sọ pé kí ríǹgì sún mọ́ra ní 150 fún 900 ní apá méjèèjì, kó wá jẹ́ 200 láàárín. Apá òsì: 900 pín sí 150, àlàfo mẹ́fà. Apá ọ̀tún, mẹ́fà. Àárín ku 1700, ẹ pín in sí 200, ó jẹ́ 8.5, ẹ gbé e sí mẹ́sàn-án. Gbogbo àlàfo jẹ́ 21. Ẹyọ kan péré la ó fi kún un, ó di ríǹgì 22. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni pé wọ́n ń fi ẹyọ kan kún apá kọ̀ọ̀kan: 7, 10 àti 7, ó di 24. Ríǹgì tó wà ní ààlà apá méjì ni wọ́n kà lẹ́ẹ̀mejì. Bíìmù mẹ́wàá, ríǹgì ogún tí kò ní ibi tí yóò wọ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pá irin kan kò sì fúnni ju mẹ́sàn-án lọ nínú irú rẹ̀.

Pílà náà rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àlàfo rẹ̀ ní òfin tirẹ̀ tí àwọn èèyàn kì í fiyè sí. Nínú BS 8110, ìlànà Gẹ̀ẹ́sì fún iṣẹ́ kọnkéré, àlàfo ríǹgì pílà kò gbọdọ̀ ju ìlọ́po méjìlá irin gbọọrọ tó kéré jù nínú rẹ̀ lọ. Pílà tó ní irin 16 lè gba títí dé 192. Pílà tó ní irin 12 kò gbọdọ̀ ju 144 lọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti bá pílà irin 12 tí wọ́n fi ríǹgì sí ní 200, tí ẹni tó ṣe é sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ṣe máa ń ṣe é. Irin tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń yára tẹ̀ síta, òun ló nílò kí ríǹgì sún mọ́ra jù.

Tiwa ní irin 16 mẹ́rin, àlàfo 150. Láti orí ilẹ̀ tí a ti da kọnkéré sí dé abẹ́ bíìmù jẹ́ 2700. Ẹ yọ 50 lókè, 50 nísàlẹ̀, ó ku 2600. Ẹ pín in sí 150, ó jẹ́ 17.33. Àlàfo 18, ríǹgì 19.

Ibi tí ọ̀pọ̀ bẹ́ńdà ń parí sí nìyẹn, èmi ò sì lè gbà á. Inú bíìmù gan-an, níbi tí pílà àti bíìmù ti wọnú ara wọn, 450 ni gíga rẹ̀. Irin pílà gba ibẹ̀ kọjá, ó sì nílò ẹni tí yóò dì í mú. Mẹ́ta ni mo máa ń fi síbẹ̀ ní 150, ó di 22 fún pílà kan. Pílà mẹ́jọ, 176. Ẹ pín in sí 14, ọ̀pá 12.57, ẹ ra 13. Tí ọ̀pá irin yín bá jẹ́ mítà 11.7, ẹ pín in sí 13, ẹ ó ra 14.

Àwọn mẹ́ta tó wà nínú bíìmù yìí kò ṣeé fi sí lẹ́yìn. Nígbà tí irin gbọọrọ bíìmù bá ti gba àárín irin pílà kọjá láti apá méjì, kò sí ọ̀nà tí ríǹgì tó ti tẹ̀ pa yóò gbà wọlé mọ́. Àwọn kan á wá fi wáyà lásán di í, àwọn mìíràn á ṣí ríǹgì, wọn á fi agbára tì í wọ̀, wọn á sì fi í sílẹ̀ láìpadé. Kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n gbé irin bíìmù wọlé, ẹ gun orí páákó, ẹ ka ríǹgì tó ti wà lọ́rùn irin pílà kọ̀ọ̀kan. Tí kò bá pé mẹ́ta, ẹ ní kí wọ́n dúró, kí wọ́n kọ́kọ́ ti èyí tó kù bọ̀ ọ́ láti òkè. Ẹ rí i pẹ̀lú pé ìkọ́ wọn kò kórí jọ sí igun kan náà látòkè délẹ̀; kí ti ọ̀kan wà ní igun yìí, kí ti èyí tó tẹ̀ lé e bọ́ sí igun mìíràn.